Bí A Ṣe Sọ Fọ́tò Ìyá Àgbà Di Àwòrán Ánímè

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tí ojú ìyá àgbà ọ̀rẹ́ wa ti hàn kedere. Lẹ́yìn tí màmá papò dà, àbúrò ọ̀rẹ́ wa, ọmọ ọdún 9 tí kì í fi Naruto ṣeré, ní kí a ya màmá fún òun bí wọ́n ṣe ń ya àwọn ẹni inú ánímè. Ohun kan ló ń bà wá lẹ́rù: kí ọmọ náà wo àwòrán tán, kó ní kì í ṣe màmá òun nìyí. Ánímè a máa yọ nǹkan kúrò lójú èèyàn, ẹni tó ń yà á ló gbọ́dọ̀ mọ èyí tí kò gbọdọ̀ lọ.

A ṣí fọ́tò náà nínú Krita (ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin ojúgbà), a fa Opacity rẹ̀ wálẹ̀ sí 30%, a wá fi ìpele tuntun lé e lórí, bí ìgbà tí èèyàn fi bébà tíńrín bo àwòrán láti tún un yà.

Ojú la fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé kí ojú ṣáà ti tóbi ló kù. Rárá o. A fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kún gíga ojú màmá, ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ kan àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni a kò yí bí igun òde ojú ṣe wálẹ̀ díẹ̀ padà, torí ibẹ̀ la ti ń dá èèyàn mọ̀. Ìlà ìpéǹpéjú òkè ló nípọn jù. Ti ìsàlẹ̀, bíńtín la fà, a sì jẹ́ kó já láàárín. Ìpéǹpéjú òkè bo orí dúdú ojú díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màmá á dà bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Dúdú ojú fúnra rẹ̀ ṣókùnkùn lókè, ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán funfun ńlá kan ní ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, àti kékeré kan ní òdìkejì.

Ní ti ìlà, a lo píkísẹ́lì 12 fún etí ojú lóde àti abẹ́ àgbọ̀n, 5 fún imú àti ẹnu. Ibi tí nǹkan ti gun orí nǹkan, ìlà a nípọn; ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á, a tín-ín-rín. Pẹ́lẹ́ màmá wá ńkọ́? Bí a bá fi dúdú fà á, á dà bí ẹni pé wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ojú àpá tó jìn sínú awọ ni pẹ́lẹ́, nítorí náà àwọ̀ òjìji la fi yà á. Nígbà tí a fi iṣẹ́ náà han ọmọ yẹn láìtíì parí, pẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ kà: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀.

Òjìji ánímè kì í ṣú díẹ̀díẹ̀. Ṣe ló ń já gé. Ìdí ni pé, láyé àtijọ́, orí sẹ́lúlọ́ìdì tó mọ́ gaara ni wọ́n ń ya ìlà sí, wọ́n á sì fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ló ń gba irú iṣẹ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó lè máa po ọ̀dà tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo wọn. Àwọ̀ kan fún ara, òmíràn fún òjìji, ó parí. Àwa náà fi ìpele kan sórí àwọ̀ ara, a yan Multiply. Ibí ni awọ dúdú ti máa ń bàjẹ́: bí ẹ bá fi àwọ̀ eérú ṣe òjìji, ara á ṣì bí ẹni tí kò para. Àwọ̀ tó fà sí elésè àlùkò la lò. Awọ dúdú a sì máa dán, nítorí náà a fi àbàlá ìmọ́lẹ̀ kékeré sí iwájú orí, góńgó imú àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ yọ àwọ̀ kúrò lára fọ́tò àti àwòrán, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ti àwòrán bá mọ́lẹ̀ ju ti fọ́tò lọ, ẹ ti bó màmá nìyẹn.

Irun ló gbà wá lákòókò jù. Irun ánímè a máa ní ìmọ́lẹ̀ tó yí orí ká bí òrùka, àwọn ará Japan ń pè é ní òrùka áńgẹ́lì. Orí irun gbọọrọ tó ń yọ̀ ló ti wá, màmá sì di ṣùkú. Bí a bá fa òrùka náà kọjá lórí ṣùkú, á dà bí rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ ọn lórí. Ohun tí a ṣe ni pé a gé òrùka náà sí wẹ́wẹ́: lórí ìlà dídì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kúkúrú kan ní ibi tí irun ti yọ sókè, kò sí rárá nínú ojú àlàfo. Èèyàn tó bá jìnnà á ṣì rí òrùka. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn á rí ìdì. Orí tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ kò gba èyí o, àbàlá kan tí etí rẹ̀ rí wúruwùru ló yẹ ẹ́.