Ọ̀rọ̀ Dídùn Lo Fi Gbá Mi Létí

Ẹ jókòó dáadáa, tírẹ́ẹ̀dì yìí máa gùn díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe fi gírámà tó dùn ṣe èèyàn kan níbi níbi iṣẹ́, àti ohun tí mo kọ́ látibẹ̀ nípa fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ èèyàn yẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Ọdún tí mò ń sìnrú ìlú, ilé-iṣẹ́ kékeré kan n'Ìbàdàn ni wọ́n pín mi sí. Ìwé, yíǹkì àti àwọn nǹkan ọ́fíìsì ni wọ́n ń tà fún iléèwé àti ọ́fíìsì káàkiri ìlú. Kò sẹ́ni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní pàtó. Nígbà tí oṣù Kejìlá dé, Ọ̀gá kó fọ́ọ̀mù 12 lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kọ́pà, ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé dé. Bá mi tún èyí tẹ̀, kó rí bí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì."

Ẹ̀yin èèyàn, báírò Ọ̀gá ò mọ ojúure o. "Ọ̀lẹ." "Ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù." Ti obìnrin tó ń tọ́jú sítóò, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Sítóò, ló wá le jù: "Kò bìkítà. Ọ̀rọ̀ sítóò ò ká a lára." Máàkì tó fún un ni 2 nínú 5. Ẹni tí ò bá sì gba 3, kò ní rí àfikún owó oṣù lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo sọ "kò bìkítà" di "ó yẹ kí ó túbọ̀ fi ọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀." Mo sọ "ọ̀rọ̀ sítóò ò ká a lára" di "a ń retí kí ìfẹ́ rẹ̀ sí ojúṣe rẹ̀ pọ̀ sí i." Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo gbìyànjú. Àǹtí Sítóò náà kà á, ó buwọ́ lù ú, kò sọ nǹkan kan. Inú mi dùn. Mo rò pé mo gbà á lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ burúkú ni.

Lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, wọ́n gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀. Oṣù Kejìlá tún dé, fọ́ọ̀mù tún dé. Ọ̀gá tún kọ ohun kan náà fún Àǹtí Sítóò: "Kò bìkítà," máàkì 2. Èmi náà tún fi lọ́fínńdà sí i. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí ò buwọ́ lù ú. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà wá bá mi ní tábìlì.

Ó ní, "Wò ó, àbúrò mi. Kí ni mo ṣe gan-an? Ọjọ́ wo ni?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ dídùn lo fi gbá mi létí lọ́dún tó kọjá. Mo rò pé o mọ ohun tí mo ṣe, ni mo fi dákẹ́. Àṣé ìwọ gan-an ò mọ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àtúnkọ tí mò ń ṣe kì í ṣe àtúnkọ rárá. Èébú Ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀, aṣọ ni mo kàn wọ̀ fún un. "Kò bìkítà" àti "kí ó túbọ̀ fi ọkàn sí iṣẹ́," ọ̀rọ̀ kan náà ni. Méjèèjì ń sọ bí ọkàn èèyàn ṣe rí, kò sì sẹ́ni tó rí ọkàn ẹlòmíràn. Àkọ́kọ́ tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí èèyàn lè bá èébú jiyàn. Báwo lèèyàn ṣe ń bá "túbọ̀" jiyàn?

Ẹni tó là mí lójú ni Mọ̀mí Akáǹtì, ìyá àgbà tó ń ṣírò owó wa. Wọ́n ní kí n máa bi ara mi pé, ká ní kámẹ́rà wà nínú sítóò yẹn, kí ni kámẹ́rà máa rí? Kámẹ́rà ò lè rí "kò bìkítà." Ó lè rí i pé ọjà wọlé lọ́jọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni ò sì kọ ọ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Ohun tí kámẹ́rà bá rí ni kí n kọ. Kí n kọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kí n kọ ohun tó ti ìdí ẹ̀ yọ, kí n wá kọ ohun tó yẹ kó yí padà. (Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé àwọn tó ń kọ́ máníjà níṣẹ́ ní lẹ́tà mẹ́ta fún un, SBI: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹni náà ṣe, ohun tó fà. Mọ̀mí ò ka ìyẹn níbì kankan o.)

Mo wá padà lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí tí ẹ fi sọ pé Àǹtí Sítóò ò bìkítà?" Inú kọ́kọ́ bí wọn díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ò rí i ni? Gbogbo ìgbà ni ọjà ń dín! Oṣù Kẹwàá ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. "Gbogbo ìgbà," àmọ́ oṣù Kẹwàá nìkan ni wọ́n rántí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí wọ́n bá kọ fọ́ọ̀mù ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí á bo oṣù mẹ́sàn-án tó ṣáájú mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà mú: ọjà ń dín. Ìyẹn ṣeé kà.

Èmi àti Mọ̀mí kó àwọn kádì ọjà jáde. Ìparí oṣù ni wọ́n máa ń ka ọjà, nítorí náà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kọkànlá, ìgbà 11 ni wọ́n ti kà á. Ní ìgbà 7, kádì àti ọjà orí pẹpẹ bára mu. Mẹ́rin ni kò bára mu: oṣù Karùn-ún, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ? Oṣù yẹn ni Ọ̀gá fún àwọn dírẹ́bà ní kọ́kọ́rọ́ sítóò, kí wọ́n lè kẹ́rù ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Róòdù tó bẹ̀rẹ̀. Agogo mẹ́jọ ni Àǹtí ń dé. Wọ́n á gbé ọjà, wọ́n á sì fi ẹnu sọ fún un tí wọ́n bá rántí. A mú ìwé tí àwọn oníbàárà ń buwọ́ lù tí ọjà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, a fi wé kádì. Gbogbo ohun tó dín ní oṣù mẹ́ta yẹn ló wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò jalè. Wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń jáde ni.

Ti oṣù Karùn-ún ni kò ṣeé gbèjà. Páálí ìwé 12 wọlé lọ́jọ́ Ajé, Àǹtí sì ní òun máa kọ gbogbo ọjà ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́rú, iléèwé kan pè. Ọmọ tó ń tajà wo kádì, ó ní ìwé ti tán. Iléèwé yẹn lọ rà á níbòmíì, páálí 12 sì wà nílẹ̀ gbáí. Mo sọ fún Àǹtí pé mo máa kọ èyí síbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́. Ìyẹn ṣẹlẹ̀."

Ohun tí mo kọ nìyí:

"Láti oṣù Kìíní dé ìkọkànlá, a ka ọjà nígbà 11, kádì àti ọjà bára mu nígbà 7. Ní oṣù Karùn-ún, páálí ìwé 12 tó wọlé lọ́jọ́ Ajé kò wọ kádì títí di ọjọ́ Ẹtì. Nítorí èyí, a sọ fún oníbàárà kan pé ìwé ti tán, ó sì rà á níbòmíràn. Àìbáramu oṣù Kẹjọ sí ìkẹwàá wá láti inú ọjà tí àwọn dírẹ́bà gbé kí ó tó dé, láìsí àkọsílẹ̀. Láti oṣù Kìíní, kí ó máa kọ ọjà tó bá wọlé sí kádì lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tó bá gbé ọjà láàárọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ẹnu ọ̀nà. A ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí oṣù Kẹta."

Mo gbé e fún Ọ̀gá, torí orúkọ wọn ló máa wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbà sí wọn lẹ́nu. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Yọ gbólóhùn dírẹ́bà yẹn kúrò." Àyà mi já. Mọ̀mí Akáǹtì dáhùn láti ìdí tábìlì wọn, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè: "Tí ẹ bá yọ dírẹ́bà, ẹ jẹ́ kó yọ oṣù mẹ́ta yẹn pẹ̀lú. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ti wá?"

Ọ̀gá họrí. Wọ́n fagi lé 2, wọ́n kọ 3, wọ́n buwọ́ lù ú.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ tó ń tajà ni Ọ̀gá kọ "ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù" fún. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n lè tọ́ka sí: ó béèrè ní ìpàdé pé ìgbà wo ni wọ́n máa san owó iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Oníbàárà kankan ò fẹjọ́ ẹ̀ sùn rí. Ká ní ọdún tó ṣáájú ni, mi ò bá ti sọ ọ́ di "kí ó máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ ní ìpàdé." Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tún un kọ. Mo ní, "Sà, a ò rí ẹ̀rí tá a máa gbé e lé," a sì fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀rọ̀ míì wà tí kò ní àtúnkọ, píparẹ́ ló yẹ ẹ́.

Ìyìn náà ńkọ́? Ọ̀gá kọ "ọmọ dáadáa" fún dírẹ́bà kan, èmi náà sì fẹ́ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ó dùn. Àmọ́ kámẹ́rà ò lè rí "ọmọ dáadáa" náà. Tí wọ́n bá yí ọkàn padà sí i lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní rí nǹkan kan fi gbe ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo lọ wo ìwé ìrìnnà ẹ̀, mo kọ iye ìgbà tó gbé ọjà àti iye ìgbà tó pẹ́.

Àǹtí Sítóò rí àfikún owó ẹ̀ gbà lọ́dún yẹn. Ti ọdún tó ṣáájú ti lọ, fọ́ọ̀mù tí mo fi gírámà kọ sì wà nínú fáìlì ẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹ̀ nísàlẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà. Àmọ́ mi ò lè tún ìyẹn kọ mọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti kọ "túbọ̀" fún rí níbi iṣẹ́, ẹ wá fi tiyín sísàlẹ̀. Ṣé ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo?