Kí Òkìtì Ìwé Ìwáṣẹ́ Tó Dé Orí Tábìlì

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn ọ̀dọ́ tí iye wọn lé ní 500,000 tú jáde káàkiri Nàìjíríà láti ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ àjọ tó ń mójú tó ìwọlé-wọ̀de, níbi tí àyè iṣẹ́ kò tó 5,000. Oníkálukú ti san ₦1,000 kí ó tó débẹ̀. Èrò tẹ àwọn kan pa ní pápá ìṣeré ní Àbújá, Pọtá, Minna àti Bìní. Ọ̀rọ̀ èrò àti ọ̀rọ̀ owó ni àwọn ènìyàn sọ jù lẹ́yìn náà. Èyí tí wọn kò sọ tó ni iṣẹ́ orí tábìlì, èyí tí í dín òkìtì kù kí a tó ní kí ẹnikẹ́ni wọkọ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro bí a ti rò, bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ti ìyá kan ní Ìbàdàn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan bẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn ṣa olùkọ́ ìṣirò kan ṣoṣo. Ìwé 240 ló wọlé. Bí a bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogún wákàtí gbáko nìyẹn, ẹni tó sì ka ìwé fún ogún wákàtí kì í fi ojú kan náà wo ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́.

Kí ìkéde iṣẹ́ náà tó jáde rárá ni Màmá ti jókòó pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ ìṣirò tí yóò bá wọn kàwé. Ojú ìwé kan péré ni wọ́n kọ, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n kọ déètì sí i. Apá kìn-ín-ní jẹ́ ẹnu-ọ̀nà: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí máàkì níbẹ̀. Ṣé ó ní oyè nínú ìṣirò tàbí nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò? Ṣé ó ní ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́? Ṣé ó dáhùn ìbéèrè tó wà nínú ìkéde? Ìbéèrè náà ni pé: ọmọ kan sọ pé 1/2 + 1/3 = 2/5, kí ni ìwọ yóò ṣe fún un?

Apá kejì ló ní máàkì, láti òdo dé méjì fún ohun mẹ́ta. Fún ìdáhùn yẹn, ẹni tó kàn pàṣẹ pé kí ọmọ wá nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó bá méjèèjì mu gba òdo. Ẹni tó fi àwòrán tàbí búrẹ́dì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ gba ọ̀kan. Ẹni tó rí ibi tí èrò ọmọ náà ti wá, tó sì fi hàn án pé 2/5 kéré sí 1/2 tó fi bẹ̀rẹ̀, gba méjì. Máàkì ìdáhùn yìí ni wọ́n ń sọ di ìlọ́po méjì, nítorí pé òun gan-an ni iṣẹ́ náà. Ọdún tí ènìyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni èkejì, kíkọ́ àwọn tó ń múra fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá sì ni ẹ̀kẹta. Àpapọ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni méje ni àwọn yóò pè, àti pé bí àwọn kan bá gba máàkì kan náà ní ipò keje, gbogbo wọn ni wọn yóò pè.

Ìdí tí déètì fi ṣe pàtàkì wà nínú ìwádìí tí Eric Uhlmann àti Geoffrey Cohen gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn yan ọ̀gá ọlọ́pàá láàrin ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló kàwé, àwọn olùyàn ka ìwé kíkà sí ohun ńlá ju ìgbà tí kò ní in lọ. Wọn kò mọ̀ pé òṣùwọ̀n ń yípo tẹ̀lé ẹni tó wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì kí wọ́n tó mọ ẹni tó jẹ́ ọkùnrin, ojúsàájú náà kò sí mọ́.

Nítorí náà, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ fi nọ́ńbà sí àwọn ìwé náà, ó bo orúkọ, ó sì kó gbogbo ìwé ìdámọ̀ràn láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹni ńlá sínú àpòòwé kan lọ́tọ̀. Ẹnu-ọ̀nà kò gbà ju ìlàjì ìṣẹ́jú lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì lápapọ̀. Ẹni 97 ṣubú nítorí oyè, 41 nítorí ìforúkọsílẹ̀, 24 kò sì dáhùn ìbéèrè. Ó ku 78.

Kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì gidi, àwọn méjèèjì mú ìwé mẹ́wàá láìṣà, oníkálukú dá tirẹ̀ ṣe. Níbi mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹnì kan ní òdo, èkejì fún un ní méjì, lórí ọ̀rọ̀ ọdún iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ka ọdún àgùnbánirọ̀ mọ́ ọn, Màmá kò kà á. Wọ́n fẹnu kò pé yóò wọlé, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ti lè yí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ohun kìn-ín-ní fún gbogbo ẹni 78 kí wọ́n tó kan ohun kejì, kí ìdáhùn tó dùn má baà ṣe ìbòjú fún ọdún iṣẹ́ tí kò sí. Ó gbà wọ́n ní wákàtí márùn-ún àti díẹ̀, tí wọ́n pín sí ọjọ́ méjì. Ní ìparí, wọ́n fún àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní máàkì lẹ́ẹ̀kan sí i láìwo ti tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan ni ó yàtọ̀, máàkì kan péré.

Ọ̀rọ̀ le ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń yẹ ìwé àwọn tí a kọ̀ wò, ó sì rí ẹnì kan tó ti ń kọ́ ìṣirò fún ọdún mọ́kànlá, tí ìdáhùn rẹ̀ dára ju ti gbogbo àwọn tó wọlé. Ìforúkọsílẹ̀ ni kò ní.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí á gba eléyìí wọlé. Òun nìkan ni.”

“Mélòó ni a kọ̀ nítorí ohun kan náà?”

“Mọ́kànlélógójì mà.”

“Bí a bá gba ọ̀kan, a ní láti ka ogójì yòókù náà. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn, mo lè kà wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn kò ní in, tí wọ́n rí i nínú ìkéde, tí wọ́n sì jókòó sílé ńkọ́? Níbo ni ìwé tiwọn wà?”

Kò sí ìdáhùn sí ìyẹn. Ó ká ni lára, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà jẹ́ olùkọ́ tó dára jù lọ nínú òkìtì yẹn, òṣùwọ̀n tí a kọ kò sì ní ojú láti rí i. Wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé ní ìkéde tó ń bọ̀, kí wọ́n gba ẹni tó bá lè forúkọ sílẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí wọ́n ṣí orúkọ, ẹni mẹ́fà ti gba méje tàbí mẹ́jọ, àwọn mẹ́ta sì wà lórí mẹ́fà. Wọ́n pe mẹ́sàn-án. Ọmọ àna olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gba mẹ́rin: ọdún iṣẹ́ rẹ̀ pé, ó ti kọ́ àwọn oníwèé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan ló pa fún ọmọ tó ṣi 1/2 + 1/3 ṣe. Olùdásílẹ̀ pe Màmá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò bá a jiyàn. Ní àárọ̀ wọ́n fi ojú ìwé tó ní déètì ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ìdáhùn ọmọ náà àti ti ẹni mẹ́sàn-án tí a pè, láìsí orúkọ lórí ìkankan, wọ́n sì ní kí ó fún wọn ní máàkì fúnra rẹ̀. Àpòòwé àwọn ẹni ńlá wà nínú ẹrù náà, kò sí ẹni tó tíì ṣí i.