Ijó Ìyá Tí a Gé Kúrò Nínú Fídíò

Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fídíò ní Avéa, níhìn-ín ní Libreville. Nígbà náà, bí mo bá ya ìkómọ tàbí ìgbéyàwó tán, a ó wá ẹni tó ń lọ sí Kùtọnu tàbí Èkó, a ó bẹ̀ ẹ́ kó bá wa gbé ẹ̀dà kan fún àwọn ará ilé. Bó bá ti délé, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń bi wá pé orin ta ni díjéè ń lù nígbà tí ìyá ọmọ ń jó wọlé. Orin Ebenezer Obey, ti King Sunny Adé, ti Oliver N'Goma tó jẹ́ ọmọ Gàbọ́n gan-an, gbogbo rẹ̀ ló ń dún nínú kásẹ́ẹ̀tì wa, àwọn olórin kò sì lè mọ̀.

Díìsìkì ló gba ipò kásẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ oníbàárà wa tó wà lókè òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn kò ní ohun tí àwọn ó fi wo díìsìkì mọ́, kí n kúkú fi línkì ránṣẹ́. Bí YouTube ṣe wọ iṣẹ́ wa nìyẹn. Láti 2007 ni YouTube ti ní ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Content ID. Ohun tó ń ṣe ni pé àwọn tó ni orin ti fi ẹ̀dà orin wọn síbẹ̀, ẹ̀rọ náà á wá fi ohùn inú gbogbo fídíò tí a bá gbé lọ wé àwọn ẹ̀dà yẹn. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo gbé àríyá àádọ́rin ọdún ìyá aláṣọ kan lọ.

Ìyá yìí ń tà ní ọjà Mont-Bouët. Àríyá náà lé ní wákàtí kan àti àádọ́ta ìṣẹ́jú. Mo fi í sí `Unlisted`, torí mo rò pé bí kò bá ti hàn sí gbogbo ayé, kò sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ ni. `Unlisted` ni o, `Private` ni o, ẹ̀rọ náà ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo ìlà fídíò náà nínú YouTube Studio, lábẹ́ `Restrictions`. Níbi tí mo ti máa ń rí `None`, `Copyright` ló wà níbẹ̀.

Àyà mi já. Mo pa fídíò náà rẹ́, mo tún un gbé lọ, owó íńtánẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méjì lọ sí i. Àmì náà tún yọ. Ọmọ ìyá tó wà ní Port-Gentil pè mí pé òun ti wò ó tán, ó dára. Èyí tó wà ní Páríìsì pè pé `Video unavailable` ni òun rí. Fídíò kan náà, línkì kan náà! Ìgbà yẹn ni mo tó fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ `Copyright` yẹn, mo tẹ `See details`, mo jókòó kà á.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi títí dòní. Àmì yẹn kò sọ pé o jẹ̀bi, kò sì sọ ohun kan náà fún gbogbo fídíò. Ìpinnu ẹni tó ni orin ló ń sọ, orin kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Olórin lè ní kí fídíò máa lọ, kí owó ìpolówó ojú rẹ̀ máa wọ àpò òun. Ó lè ní kí ó máa lọ, òun kàn fẹ́ mọ iye àwọn tó ń wò ó. Ó sì lè ní kí wọ́n tì í pa, yálà níbi gbogbo tàbí ní àwọn orílẹ̀-èdè kan péré. Orin márùn-ún ni wọ́n tọ́ka sí nínú àríyá ìyá. Mẹ́rin nínú wọn kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, owó ìpolówó nìkan ni wọ́n fẹ́, èmi kò sì retí kọ́bọ̀ nínú ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n tì ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, Faransé sì wà lára wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni orin yẹn fi dún. Mo ti pa odidi fídíò rẹ́ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta!

Lábẹ́ `Select action`, wọ́n fún mi ní ọ̀nà láti pa orin náà lẹ́nu mọ́, láti fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí láti gé ibẹ̀ kúrò. Bí mo bá pa gbogbo ohùn ibẹ̀, àdúrà tí pásítọ̀ ń gbà lórí orin náà á lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹ̀rọ yọ orin nìkan, ó lè má mọ́ dáadáa. Mo lè padà sórí kọ̀ǹpútà mi kí n tún un tò, ṣùgbọ́n YouTube kì í jẹ́ kí a fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí línkì kan náà, línkì yẹn sì ti wọ gbogbo fóònù ẹbí. Mo bá tẹ `Trim out segment`. Ó gba wákàtí bíi mélòó kan kí iṣẹ́ náà tó parí, lẹ́yìn náà ìdènà Faransé kúrò, ọmọ Páríìsì sì rí i.

Ìyá ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ọmọ mi, ijó tí mo jó wọlé, níbo lo gbé e sí?" Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orin ibẹ̀ ló fà á." Ó ní ṣé òun kò sanwó díjéè ni. Mo ṣàlàyé títí pé sísan owó díjéè kò sọ orin di tiwa. Kò gbà.

Èyí tó tún kọ́ mi lọ́gbọ́n ni ti àwọn onílù tí wọ́n kọrin fúnra wọn níbi ìgbéyàwó kan. Kò sí díjéè, kò sí ẹ̀rọ, síbẹ̀ àmì yọ. Mo bínú, mo tẹ `Dispute`, mo kọ ọ́ pé àwọn èèyàn wa ló kọrin. Ẹni tó béèrè ẹ̀tọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dáhùn. Ó dáhùn, ó ní rárá. Mo tún àlàyé rẹ̀ kà: kì í ṣe ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò ló ń béèrè, orin gan-an ni, ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tí olórin àtijọ́ kan dá sílẹ̀. Ọ̀tọ̀ lẹ́ni tó ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ lẹ́ni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn onílù wa kàn ń kọ orin olórin ni. Mo lè gbé e lọ síwájú, kí ó tún dáhùn láàárín ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n bó bá kọ̀ níbẹ̀, ó lè fi ìwé òfin ní kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò. Ìyẹn kì í ṣe àmì lásán mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí ìkànnì lọ́rùn, bí mẹ́ta bá sì pé kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó kọjá lórí wọn, odidi ìkànnì lè lọ. Mo jáwọ́. Fídíò náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú `Copyright` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo èèyàn ń wò ó.

Nísinsìnyí, ọjọ́ méjì kí n tó fi línkì ránṣẹ́ ni mo ń gbé fídíò lọ, ní `Private`. Láti 2021 ni wọ́n ti fi `Checks` sí ojú ìgbéfídíò, tó ń sọ ohun tó bá rí kí fídíò tó jáde, mo sì ń dúró kó parí. Bí àmì bá yọ, orílẹ̀-èdè tí wọ́n tì í ni mo kọ́kọ́ ń wò, màá wá béèrè lọ́wọ́ oníbàárà ibi tí àwọn ẹbí rẹ̀ wà. Bí kò bá sí ẹbí níbẹ̀, n kì í fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ní ti ìyá aláṣọ, mo da odidi àríyá náà sínú fúláàṣì fún un. Ijó rẹ̀ pé nínú ìyẹn.