Ẹ Ṣeun Àná, àti Ọ̀rọ̀ Ìdájí

Ẹni tí a ṣe lóore nílẹ̀ Yorùbá kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún wá kí pé, "Ẹ ṣeun àná." Ìmeèlì ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fara jọ àṣà yìí, àmọ́ lójú tèmi, ìkíni nìkan kò tó nínú rẹ̀. Ó yẹ kó dárúkọ ohun tí a jọ sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbéra láti Ìkòròdú, ó gba Itóìkín dé oko ẹja kan l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ó sì jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Wọ́n bi í pé kí ni yóò ṣe bí tilápíà bá ń yọ ẹnu sókè lójú omi. Ó ní òun á da omi tuntun sí i. Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n màdámù kan tún bi í pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdájí ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù?" Kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí àkókò fi tán.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọpẹ́, ìrètí èsì rere àti àdúrà gígùn. Mo sọ fún un pé ilé ìfowópamọ́ lè gba irú lẹ́tà yẹn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó tún un kọ báyìí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣeun àkókò tí ẹ fún mi lánàá. Ìbéèrè màdámù nípa ìdájí ṣì wà lọ́kàn mi. Àwọn ewéko wínníwínní tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé máa ń pèsè ọ́síjìn lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn náà á máa mí, àwọn àti ẹja á jọ máa lo èyí tó wà nílẹ̀, títí tí yóò fi kéré jù lọ kí oòrùn tó yọ. Nítorí náà, ìdájí ni màá máa wọn ọ́síjìn omi, torí pé èyí tí a bá wọ̀n lọ́sàn-án lè tàn wá jẹ."

Ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ níbi kan pé "gbogbo ẹja" tó bá ń yọ ẹnu sókè ni ọ́síjìn kò tó fún. Mo ní kó yọ ọ́. Àrọ̀ máa ń gòkè wá mí afẹ́fẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ le koko, àwọn mẹ́ta yẹn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo nínú irú ìmeèlì yìí burú ju kí èèyàn má kọ ọ́ rárá lọ.

Ó tún fẹ́ ṣàtúnṣe ìdáhùn méjì mìíràn. Mo kọ̀, nítorí ìyẹn ti di ẹ̀bẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kọ máàkì sórí fọ́ọ̀mù kí èèyàn tó dìde, ìmeèlì kò lè pa á rẹ́. Ìgbà tí máàkì ẹni méjì bá sún mọ́ra ló lè ranni lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ní àdírẹ́ẹ̀sì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ìmeèlì náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ̀wé pè é, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fi han àwọn yòókù.