Ìrọ̀lẹ́ Kan ní Tukur-Tukur

Kwangila ni ọkọ̀ já wa sí ní Sáríà. Ibẹ̀ ni mo ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a gba Tudun Wada, a sì wọ Tukur-Tukur nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Ẹrù wúwo ni olóòtú wa dì lé mi lórí: kí n kọ nípa òpópónà kan tí èrò kún, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ sọ irú ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́ tí n kò bá bi í. Bí mo ṣe ń san owó ni awakọ̀ wí pé, “Nàgódé, Àlàájì.” Èmi tí n kò dé Mẹ́kà rí! Agbádá ọrùn mi ló rí.

Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kan tí wọ́n tẹ́ pákó lé, nítorí pé gbogbo èrò ló ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ní kí òun kọ gbogbo òpópónà tán yóò kàn kọ ariwo ni. Ohun tí kì í rìn ni mo kọ́kọ́ kọ, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà: pákó, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, òkìtì ìrèké tí wọ́n ti bó, agbada dúdú lórí ààrò mẹ́ta. Wàrà sóyà tí wọ́n ń pè ní àwárá ló ń dín nínú rẹ̀. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, ó ń pọ́n nínú òróró, ata gígún sì wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ọmọlanke kan dé, kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba omi lítà 25. Omi lítà 250 nìyẹn, ìwọ̀n rẹ̀ á sì tó kílò 250, láìka igi àti irin. Ẹni tó ń tì í fi àyà lé irin, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń pariwo kí wọ́n yà lọ́nà. Ó yá mi lára láti kọ pé tálákà ni. Ṣùgbọ́n ta ló fi àpò rẹ̀ hàn mí? Ìwọ̀n omi àti ara tó tẹ̀ ti tó fún òǹkàwé.

Èyí tó le jù ni ti ọmọ kan tó gbé abọ́ ike dání, tí orí rẹ̀ kò ga ju agbada lọ. Ẹni tó dúró tì mí nawọ́ sí i, ó ní, “Àlùmọ̀jìrí nìyẹn.” Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní abọ́ náà ni. Kò pẹ́ tí ọmọ náà na owó bébà síwájú, wọ́n bu àwárá sínú abọ́ rẹ̀, wọ́n wọ́n ata sí i, ó sì lọ. Èyí náà kò fi hàn pé kì í ṣe àlùmọ̀jìrí, torí pé ẹni tó ń kọ́ kéwú náà lè ra oúnjẹ. Nítorí náà, “ọmọ kan ra àwárá sínú abọ́ ike” ni mo kọ, kò sì sí irọ́ kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan tó dé fìlà oníṣẹ́ ọwọ́ sọ sórí fóònù pé, “Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi, mo ti ń bọ̀.” Yorùbá tó dán mọ́rán ni. Mo kọ fìlà rẹ̀, mo kọ èdè tó sọ, n kò kọ ìlú rẹ̀. Ní ibi tí Yunifásítì Àmọ́dù Béló ti ń kó èèyàn jọ láti ibi gbogbo láti 1962, èdè ẹnu kò tó láti fi mọ orísun ẹni.

Kíkọ bí ọkàn àwọn èèyàn ṣe rí ló máa ń ti òǹkọ̀wé sínú ìméfò. “Inú wọn dùn” kì í ṣe ohun tí ojú rí. Nígbà tí ìpè Màgáríbà dún láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fèrè kẹ̀kẹ́ dínkù, wọ́n yí rédíò ṣọ́ọ̀bù kan sílẹ̀, bútà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn kan sì jókòó sí ìdí rẹ̀, wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Ẹni tó ń dín àwárá fa igi iná jáde, ó sì bo agbada. Ìdákẹ́ tó délẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ohun tó fà á. Àwọn tí kò kúrò ńkọ́? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ òróró gbígbóná, n kò sì lè torí ìyẹn sọ ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìrìnàjò, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti fẹ́ pe ẹnikẹ́ni ní àlùmọ̀jìrí tàbí tálákà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí lẹ rí. Bí kò bá ju abọ́ lọ, ẹ kọ abọ́.