Ìṣẹ́jú mẹ́rin láti gbèjà ìwé ìtàn àròsọ

1. Wọ́n ní kí àbúrò mi obìnrin wá sọ̀rọ̀ níbi díbéètì iléèwé wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un ni pé kíka ìtàn àròsọ ṣe ni láǹfààní ju wíwo fíìmù lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fíìmù lòun gan-an máa ń wò mọ́jú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́. Tí mo bá lọ kálòlò níbẹ̀, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi jáde." Mo ní mi ò ní bá a kọ ọ́, a jọ máa kọ ọ́ ni.

2. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni ohun tí gbogbo èèyàn máa ń kọ: ìwé ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ tuntun, ìwé ń jẹ́ ká yege ìdánwò, fíìmù sì ń ba ọmọ jẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká fi ara wa sípò alátakò. Ṣé fíìmù kì í kọ́ èèyàn lédè ni? Ìwé tó ń jẹ́ kéèyàn yege Físíìsì, ṣé ìtàn àròsọ ni? Ṣé kò sí ìwé tó ń ba ọmọ jẹ́ ni? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣubú nìyẹn. Ohun tó yẹ ká wá ni ohun kan ṣoṣo tí ìtàn àròsọ ń ṣe, tí fíìmù ò lè ṣe tó o.

3. A wá mú Ó Le Kú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ ní ìwé lọ́dún 1974, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997. Ìtàn kan náà ni: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tó ń wá ìyàwó, tí ọkàn rẹ̀ ò dúró sójú kan. Tó o bá ka ìwé kó o tó wo fíìmù, ìwọ lo máa fún Àjàní lójú, lóhùn àti ní ìrìn ẹsẹ̀. Tó o bá kọ́kọ́ wo fíìmù ńkọ́? Yẹmí Ṣódìmú ni Àjàní rẹ títí láé. Ó ṣe é dáadáa, àmọ́ iṣẹ́ tó yẹ kí ọpọlọ rẹ ṣe, ẹlòmíì ti bá ọ ṣe é.

4. Àbúrò mi ní ìyẹn nìkan ò tó, òótọ́ sì ni. Mo bá kọ gbólóhùn kan sórí bébà fún un: "Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun, ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ tó wà níbẹ̀ ń tì í, kò lè sọ ọ́." Mo ní, "Ṣe é bíi ti fíìmù, má sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó fajú ro díẹ̀. Mo ní mo rí i pé inú rẹ ò dùn, àmọ́ mi ò mọ̀ pé torí ìyá rẹ ni. Ó dákẹ́. Ó ní, "Háà. Ojú lè sọ pé ó ń dun èèyàn, kò lè sọ ohun tó fà á." Òun ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi. Bá a ṣe rí kókó ọ̀rọ̀ wa nìyẹn.

5. Ó wá ku ohun tí alátakò máa sọ. Èyí tó le jù ni aṣọ ólekú. Fíìmù yẹn ló mú ìró kúkúrú àti bùbá àtijọ́ padà wá, táwọn obìnrin ń rán an kiri. Ìwé ò ṣe ìyẹn. Mo ní kó má jiyàn rẹ̀ rárá. Kó gbà á, kó sì sọ pé: "Fíìmù fi aṣọ tí wọ́n wọ̀ hàn wá. Ìwé ló mú wa dé abẹ́ aṣọ, níbi tí ọkàn wà." Tí wọ́n bá ní àwọn tí ò mọ̀wé kà ń wo fíìmù, kó gba ìyẹn náà. Àǹfààní ni, àmọ́ iye èèyàn tí nǹkan dé ọ̀dọ̀ wọn yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe fún ẹni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

6. Bá a ṣe pín ìṣẹ́jú mẹ́rin náà nìyí. Ìdajì ìṣẹ́jú fún ìkíni: alága, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, olùṣọ́ àkókò, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ìdajì fún ìtumọ̀ "àǹfààní", torí ohun tó dùn ún wò lè má ṣe ni láǹfààní. Méjì fún gbólóhùn ọmọbìnrin yẹn, kó sì ṣe é lójú gbogbo wọn. Ọ̀kan tó kù fún ólekú.

7. Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Ó ní nígbà tóun rẹ́rìn-ín yẹn, tóun sì bi gọ̀ngàn pé "Kí ló ń dùn mí?", ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú ń pariwo. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìyá.