Ẹ̀wù Òtútù Mi

Nígbà tí mo ń múra àtilọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo ra ẹ̀wù òtútù kan lọ́wọ́ oní-bọ́sìkọ́nà ní Alábàtà. Orí ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni mo ti dán an wò. Ó bá mi mu wẹ́kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kejìlá dé, mo wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, ó fún mọ́ mi pinpin, síbẹ̀ mo ń gbọ̀n.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní, “Ọmọ mi, ẹ̀wù kì í dáná. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ni ara rẹ ń mú gbóná. Bí ó bá fún jù, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ náà mọ́.”

Súwẹ́tà onírun àgùntàn ni mo wọ̀ lọ ra òmíràn. Mo de bọ́tìnì tán, ìkúùkù mi ṣì gba àyà rẹ̀. Mo nawọ́ síwájú, ọrùn ọwọ́ mi kò yọ síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má fi ooru Alábàtà wọn ẹ̀wù òtútù.